Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní àtúnṣe fóònù ní Sátidé: mẹ́sàn-án ló wá, mẹ́rin ti sá

Àdìsá Onífóònù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè ṣáá pé ṣé mo lè kọ́ àwọn, mo ní ó dáa, ẹ wá ní Sátidé, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gba gbogbo owó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́sàn-án ló wá. Ohun tí mo ní nílẹ̀ ni irin sódà mẹ́ta, mítà tí a fi ń wọn iná méjì àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná kan ṣoṣo.

Sátidé àkọ́kọ́ dùn. Mo tú fóònù kan palẹ̀ níwájú wọn, mo tò ó padà, wọ́n ń ya fídíò. Ní ìkejì, mo yọ ojú ṣájà tó bàjẹ́, mo fi tuntun sí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ìkẹta, mo ní ó yá, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Mẹ́ta ń sódà, mẹ́fà jókòó, wọ́n ń tẹ fóònù wọn. Kó tó kan ẹni ìkẹjọ, àsìkò ti tán. Ẹnì kan gbóná bọ́ọ̀dù débi pé ó dúdú, ó ń rùn. Ní Sátidé ìkẹrin, márùn-ún péré ni mo rí. Méjì nínú àwọn tó sá ní kí n dá owó àwọn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í? Ṣé kí n dá owó náà padà?

Bàbá Ọmọ Iṣẹ́:

Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Ẹ má gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ẹyọ kan, kó bá yín gbé ọdún mẹ́ta. Ọdún kìíní, kó máa gbálẹ̀, kó máa ra nǹkan wá, kó máa wò. Ọdún kejì ni kó tó fọwọ́ kan skírù. Bí èmi ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n títí dòní.

Àdìsá Onífóònù:

Ẹ ṣeun bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ni mo ń wá o. Àwọn tó ń wá níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Sátidé nìkan ni wọ́n ráyè, owó ni wọ́n sì san.

Ìyá Onímítà:

Àbúrò mi, o mọ iṣẹ́, o kò ka ọwọ́ ni. Jẹ́ ká jọ kà á.

Ẹni tí kò di irin sódà mú rí kò lè yọ ojú ṣájà kan kó fi òmíràn sí i láàárín ogún ìṣẹ́jú bíi tìẹ. Ìṣẹ́jú 45 ni, ìyẹn tó bá dára. Èèyàn mẹ́sàn-án lórí irin mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò pààrọ̀ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta 45, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ti lọ. Ìwọ náà á sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ba tiẹ̀ jẹ́, á tún un ṣe, ọjọ́ ti tán. Ẹni tó sanwó wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 ló rí lò, ó fi ìyókù wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn. Kò burú pé ó sá.

Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mi ni pé irin sódà kan wà fún èèyàn méjì, mítà kan náà fún àwọn méjì yẹn. Ọ̀kan ń sódà, èkejì ń fi mítà yẹ bọ́ọ̀dù wò. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n á pààrọ̀. Tó bá jẹ́ mítà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, ọ̀kan á di ẹnu mítà mú, èkejì á máa ka nọ́ńbà, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Pẹ̀lú irin mẹ́ta, èèyàn mẹ́fà ni agbára rẹ gbé, o sì gbọ́dọ̀ ra mítà kan kún un. Bí mẹ́sàn-án bá wá, pín wọn sí òwúrọ̀ àti ọ̀sán.

Ìkejì, ojú ṣájà kọ́ ni èèyàn fi ń kọ́ sódà. Ojú ṣájà tó ṣeé ki ṣájà bọ̀ lọ́nà méjèèjì, USB-C yẹn, ẹnu tó wà nínú rẹ̀ lè tó 24, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ inú bọ́ọ̀dù sì so mọ́ gíráǹdù, ìyẹn bàbà tó tẹ́ ká inú bọ́ọ̀dù, tó ń fa ooru mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Èmi gan-an ṣì máa ń ṣọ́ra tí mo bá ń yọ ọ́. Wáyà mọ́ wáyà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wáyà mọ́ orí bọ́ọ̀dù tó ti kú, níbi tó fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n yọ nǹkan ńlá kúrò kí wọ́n dá a padà. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí fún Sátidé méjì, ẹ lè wá fojú kan ojú ṣájà. Àwọn fóònù pọ̀ tí ojú ṣájà wọn wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré ìsàlẹ̀, skírù méjì mẹ́ta àti okùn pẹlẹbẹ kan ló dì í mú. Ìyẹn ni kí wọ́n fi ṣe ìyípadà àkọ́kọ́. Kò ní sódà rárá, ṣùgbọ́n oníbàárà tó máa gbé irú rẹ̀ wá fún wọn pọ̀ ju ti bọ́ọ̀dù ńlá lọ.

Jàgùnmólú:

Gbogbo àlàyé yìí gùn jù. Èmi máa ń gbé iná irin sí 450, lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń sódà á yọ́ wàrà, èèyàn mẹ́sàn-án á ṣe tán láàárín wákàtí kan. Ohun kejì, ẹ má máa fi owó ra bọ́ọ̀dù tó kú. Kí kálukú mú fóònù tó bàjẹ́ nílé rẹ̀ wá, kó tún un ṣe, inú rẹ̀ á dùn.

Ìyá Onímítà:

Jàgùnmólú, ti fóònù ilé yẹn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ti 450 yẹn ni mi ò lè fara mọ́.

Lẹ́ẹ̀dì tí à ń rà, èyí tó ní tánganran àti òjé, ìwọ̀n ooru 183 lórí Celsius ló ti ń yọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi sórí bọ́ọ̀dù fóònù kò ní òjé nínú, nǹkan bíi 217 ni tirẹ̀. Irin tó wà ní 350 ti ju méjèèjì lọ fíìfíì. Tí kò bá wá yọ́, iná kọ́ ló kéré, gíráǹdù ló ń gba ooru náà lọ, tàbí ẹnu irin ló tín-ín-rín jù, tàbí ó ti dọ̀tí. Bí o bá wá gbé iná sí 450, flọ́ọ̀sì, ìpara tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ dáadáa, á jó kó tó ṣiṣẹ́, ẹnu irin á dúdú, ibi pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ nǹkan jókòó lé á ṣí kúrò lórí bọ́ọ̀dù bí ìpẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí bọ́ọ̀dù Àdìsá dúdú, tó ń rùn. Tí ó bá ti ṣí, àtúnṣe rẹ̀ ju agbára akọ́ṣẹ́ lọ.

Èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́ ni pé kí wọ́n fi flọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n yọ́ lẹ́ẹ̀dì tiwa díẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kí àdàpọ̀ náà lè máa yọ́ ní ooru tó kéré sí i, kí wọ́n sì lo ẹnu irin tó fẹ̀. Àmì wà tí o fi lè mọ ẹni tí kò tíì gbọ́n lórí rẹ̀. Wo lẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ó bá rọra tàn ká orí ibẹ̀, tó ń dán, ó ti gbóná tó. Bí ó bá ká kúlúbọ́ bí omi lórí ewé kókò, ó jẹ́ pé lẹ́ẹ̀dì nìkan ló gbóná, ibi tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ṣì tutù tàbí ó dọ̀tí. Èmi kì í wo ojú akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Fóònù ilé: akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé fóònù ìyá rẹ̀ wá. Ojú fóònù náà kò mú iná nìkan ló ń ṣe é. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti fọ́, okùn àyè ìtẹ̀ka ti já, gbogbo àwòrán tí màmá náà ní kò sì sí níbòmíràn. Ọjọ́ kejì, màmá dé. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi. Láti ìgbà náà, fóònù tí ẹni tó ni ín ti sin ín tí ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀ nìkan ló ń dé orí tábìlì mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń túnṣe ló máa ń kó èyí tí kò ṣeé ṣe mọ́ fún mi, lápapọ̀.

Ṣọ́ra Bátìrì:

Kí n tó gbàgbé, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo fóònù ìdánrawò kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó dé. Lójú mi ni ọmọkùnrin kan ṣe fi skrudíráfà pẹlẹbẹ yọ bátìrì tó lẹ̀ mọ́ inú fóònù. Mo gbọ́ "sssss", èéfín funfun bò wá. Ìkòkò iyanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbà wá, a fi ẹ̀mú gbé e sínú rẹ̀, gbogbo wa jáde kí a má baà fa èéfín náà símú. Tó bá di àkókò yíyọ bátìrì, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ rọ gọ́ọ̀mù, ẹ fi káàdì ike yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, irin kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Èyí tó ti wú, tíṣà nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Àdìsá Onífóònù:

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí wọ̀ mí lára. Mo ti ń fi skrudíráfà yọ ọ́ níwájú wọn, wọ́n sì ti ya fídíò rẹ̀.

Alásè Òpin Ọ̀sẹ̀:

Oúnjẹ ni mo ń kọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ gba mi láyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àdìsá ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo máa ń sè é níwájú wọn, wọ́n ń wò, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó lè po ìyẹ̀fun débi tó yẹ. Ohun tí ojú rí, ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí, èmi ni mo ń po ti àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo so ó mọ́ ara wọn ni kí n sọ, nítorí pé bí mo bá na ọwọ́, mo ti gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ̀ ń gba irin lọ́wọ́ wọn, àbí ẹ kì í gbà á?

Ẹ má sọ pé owó nǹkan sísè kò kàn yín o. Ṣé ẹ̀yin ló ń ra lẹ́ẹ̀dì, àbí àwọn?

Àdìsá Onífóònù:

Mo ń gbà á, ìyá. Tí mo bá rí i pé ó fẹ́ jó bọ́ọ̀dù, mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi á ti dé ibẹ̀. Èmi ni mo sì ń ra lẹ́ẹ̀dì àti gbogbo nǹkan.

Atẹ̀wé:

Títẹ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni èmi ń kọ́ àwọn èèyàn, èyí tó sì ń dùn mí jù ni ọjọ́ mẹ́fà tó wà láàárín Sátidé sí Sátidé. Ẹni tó fi ìka mẹ́wàá tẹ̀wé ní Sátidé, á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti Sọ́ńdè dé Jímọ̀, níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá padà, à ń tún ilẹ̀ kọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, nílé. Ti fóònù, mi ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe nílé láìsí irin.

Ìyá Onímítà:

Ó wà, Atẹ̀wé. Fóònù tó ti kú kan, skrudíráfà kan àti bébà kan. Kí ó ya àwòrán fóònù náà sórí bébà, kó tú u, kó to skírù kọ̀ọ̀kan sórí bébà níbi tó ti yọ ọ́, kó tò ó padà. Ojoojúmọ́. Ọjọ́ Sátidé, kó ṣe é láì wo bébà. Àǹfààní rẹ̀ ju ìrántí lọ. Skírù gígùn tó wọ ihò skírù kúkúrú máa ń gún bọ́ọ̀dù, á gé ọ̀nà iná inú rẹ̀, kò sì ní hàn lójú. Oníbàárà á ní "ojú fóònù mi lásán ni mo ní kí o yí". Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Oníṣirò:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti owó, nítorí pé ẹni kankan kò tíì fọwọ́ kàn án. Àdìsá, má wo iye tí ẹlòmíràn ń gbà. Ka ohun tí Sátidé rẹ tọ́ sí.

Ká sọ pé èrè tí o máa ń rí ní ilé iṣẹ́ ní Sátidé kan pé mẹ́wàá. Má wo orúkọ owó, mẹ́wàá lásán ni. Wákàtí mẹ́ta ni o fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n o máa ń to tábìlì kí wọ́n tó dé, o máa ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn wọn, ìdajì ọjọ́ ti lọ. Márùn-ún nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 30. Lẹ́ẹ̀dì, flọ́ọ̀sì, sípíríìtì àti bọ́ọ̀dù tó kú, ká fi 6 sí i. Ẹnu irin tí wọ́n máa bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n máa já sílẹ̀, 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40.

Ní báyìí, ta ni o máa pín in fún? Àyè mẹ́fà ni o ní, gẹ́gẹ́ bí Ìyá ṣe sọ. Bí o bá pín in fún mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á san 6 àti díẹ̀. Tí mẹ́rin péré bá wá, nǹkan bíi 27 ni o máa rí, kò tó 30 tó jẹ́ owó iṣẹ́ ara rẹ nìkan. Pín in fún mẹ́rin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 10. Tí mẹ́rin bá wá, o kò jẹ gbèsè. Tí mẹ́fà bá wá, 20 tó lé ló máa ra mítà kẹta. Tí mẹ́rin náà kò bá pé, má bẹ̀rẹ̀, sún un síwájú.

Má sì gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gba ìdajì kí Sátidé kìíní tó pé, ìdajì kí ìkẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá, ó ti san ohun tó jẹ, kò sí àríyànjiyàn.

Jàgùnmólú:

Dídá owó padà kọ́ o. Ìjókòó ni wọ́n rà. Bí wọ́n kò bá wá, ìjókòó ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá dá a padà fún méjì, mẹ́rin á dé.

Ìyá Onímítà:

Ìjókòó kọ́ ni wọ́n rà, Jàgùnmólú, irin sódà ni wọ́n rà, kò sì sí irin fún wọn. Èmi á dá owó Sátidé mẹ́ta tó kù padà, mi ò sì ní bá wọn ṣàríyànjiyàn lórí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Alásè Òpin Ọ̀sẹ̀:

Kí ó kọ́kọ́ fún wọn láyè nínú kíláàsì tó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ á gbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó, dá owó rẹ̀ padà.

Ọmọ Kíláàsì:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Mo ń lọ sí irú kíláàsì yìí níbòmíràn. Kò sí ohun tí gbogbo wa ń béèrè ju bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù tí ó ti ní pásíwọ̀ọ̀dù, tàbí èyí tí ó ń béèrè ìméèlì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Tíṣà wa kọ̀. Ìdí wo ló fi kọ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó ibẹ̀ ló pọ̀ jù?

Bàbá Ọmọ Iṣẹ́:

Tíṣà yín gbọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn olè ń gbà wọlé.

Jàgùnmólú:

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbàgbé pásíwọ̀ọ̀dù ni olè. Ẹ kọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n máa béèrè rìsíìtì àti páálí fóònù.

Ìyá Onímítà:

Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí oníbàárà kan kò tíì mọ̀ kò ní lágbára láti lé ẹni tó gbé fóònù olówó ńlá wá láìsí páálí. Èmi kì í fi í sínú ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀gá rere tó ń kọ́ ọ, mi ò lè sọ pé wọ́n burú.

Àdìsá Onífóònù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì):

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo pe àwọn mẹ́rin tó sá. Mo ní kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n: àyè nínú kíláàsì tó ń bọ̀, tàbí owó Sátidé mẹ́ta. Ọ̀kan gbà láti padà, méjì gba owó, ẹnì kan kò gbé fóònù rẹ̀. Márùn-ún tó kù, méjì méjì ni mo pín wọn, mo sì bá ẹni karùn-ún ṣe méjì. Mo so ọwọ́ mi sẹ́yìn lóòótọ́, ìyá Alásè, mo fi ọwọ́ di ìgbànú mi mú.

Sátidé tó kọjá, mi ò jẹ́ kí wọ́n sódà rárá. Mo fi àrùn sínú fóònù mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ti àkọ́kọ́, mo ki òwú bọ ojú ṣájà rẹ̀. Ti ìkejì, mo gbé bátìrì tó ti kú sí i. Ti ìkẹta, mo lẹ tẹ́ẹ̀pù tó mọ́ gaara mọ́ ẹnu okùn pẹlẹbẹ tó so bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Gbogbo wọn, àìsàn kan náà ló hàn: fóònù kò gba iná. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe é sórí bébà kí wọ́n tó fọwọ́ kan skírù.

Mẹ́ta nínú wọn kọ "ojú ṣájà ti bàjẹ́, yí i padà". Ti olówùú, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n fi igi ìtayín yọ ọ́, ojú tì wọ́n díẹ̀. Ti bátìrì, mítà ka 0. Ẹ̀rù bà wọ́n pé mítà ti bàjẹ́, mo ní kí wọ́n fi yẹ bátìrì tó dára wò, ó ka fóltì 3.9, wọ́n gbà.

Ti ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ti mú irin sódà lọ́wọ́, ó fẹ́ yọ ojú ṣájà. Ó ní "dúró ná". Ó yẹ bátìrì wò, 3.8, kò sí wàhálà. Ó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó fi ẹnu mítà dúdú kan gíráǹdù, ó fi pupa kan ibi tí iná ti wọ bọ́ọ̀dù kékeré: 5.0. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lọ sí bọ́ọ̀dù ńlá, níbi tí okùn yẹn ti so mọ́ ọn: 0. Ó wojú ẹnìkejì rẹ̀, ó ní: "Iná ti wọlé. Kò débẹ̀ ni. Ojú ṣájà kò ṣe nǹkan kan." Ó yọ ṣájà, ó yọ bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù kó tó ṣí okùn, mi ò sì rán an létí. Ó fi ẹ̀mú fa tẹ́ẹ̀pù mi jáde, ó nà án sí mi.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ṣe é. Èmi á ṣe é ní mẹ́ta. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Oníṣirò:

Kú orí ire. Mítà kẹta ńkọ́?

Àdìsá Onífóònù:

Mo ti rà á. Ohun tó kù tí kò yé mi ni ẹni karùn-ún tí èmi ń bá ṣe méjì. Nígbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù kò ní tíṣà. Nígbà tí mo bá kúrò, ó dá nìkan wà. Ẹ̀yin tí nọ́ńbà yín kì í jẹ́ méjì méjì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Onímítà:

Fi wọ́n ṣe mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ẹni kẹta máa to skírù, kó máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kò dára tó méjì, mo mọ̀. Wọ́n á máa jà lórí mítà.